Ìdákẹ́ Tí Ń Pani Lẹ́rìn-ín: Láti Inú Àpò Ọ̀yọ́-Ilé dé Eré Ìṣẹ́jú Méjì

Ní ọdún 1826, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Sikọ́tíláǹdì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá sí apá ilẹ̀ wa, dé Ọ̀yọ́-Ilé, ìlú tí òun pè ní Katunga nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí ó ti wà níbẹ̀, wọ́n pè é wá wo eré ní gbàgede ààfin. Àwọn òṣèré náà wọ inú àpò tí ó bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín eré náà sí, àwọn ayaba sì ń kọrin láàárín apá kan àti òmíràn. Apá kìíní jẹ́ ijó àti òkìtì nínú àpò, apá kejì jẹ́ ti ejò ńlá tí wọ́n ń mú. Apá kẹta ni ó kan àlejò náà fúnra rẹ̀. Àwọn òṣèré yòókù fà sẹ́yìn, wọ́n fi ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀ láàárín agbo. Àpò tí ó wà lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orí funfun kan kọ́kọ́ yọ, ariwo sì sọ láàárín èrò. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ara jáde: ènìyàn funfun kan, tín-ín-rín, tí òtútù ń pa. Ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, nígbà tí ó sì gbẹ́sẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ilẹ̀ rí. Àwọn ènìyàn ń yíjú sí Clapperton, wọ́n ń rọ̀ ọ́ pé kí ó wò ó dáadáa.

Clapperton kú ní Sókótó ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n sì tẹ ìwé ìrìn àjò rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1829. Àwọn onímọ̀ ìtàn eré orí ìtàgé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀ lórí eré alárìnjò ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969 ṣáájú wọn, ti lo ojú ewé wọ̀nyí láti fi hàn bí iṣẹ́ eégún aláré ti pẹ́ tó láàárín wa. Ohun mìíràn ni èmi ń wá níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí Clapperton kọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tí ó tóbi fún ẹni tí ń kọ eré apanilẹ́rìn-ín ni pé díẹ̀díẹ̀ ni àpò náà ń yọ̀. Bí òṣèré náà bá já àpò kúrò lára lẹ́ẹ̀kan náà, òyìnbó ẹlẹ́fẹ̀ yóò hàn, èrò yóò rẹ́rìn-ín, ó parí. Ṣùgbọ́n orí ni ó kọ́kọ́ jáde. Orí náà ti sọ ẹni tí ó ń bọ̀ fún èrò, wọ́n ti mọ̀, wọ́n sì ní láti dúró kí ara tó dé. Láàárín mímọ̀ àti rírí yẹn ni ariwo ti sọ. Èrò mọ̀ ṣáájú kí ó tó rí, ìmọ̀ náà ni a ń fún láyè.

Àyè yìí ni mo ń pè ní ìdákẹ́ nínú àròkọ yìí: àsìkò tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe tuntun, kí ohun tí a ti fi sílẹ̀ lè ṣiṣẹ́ lọ́kàn òǹwòran. Ìbéèrè mi ni pé báwo ni a ṣe ń kọ irú àsìkò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lórí ìwé, nígbà tí eré wa fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ara rẹ̀ ró láìní ìwé rárá.

Òtítọ́ ni pé kò nílò ìwé. Karin Barber, tí ó bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ṣeré ní Òṣogbo tí ó sì tẹ ìwé ńlá jáde lórí wọn ní ọdún 2000, fi yé wa pé kò sí ìwé eré tí òṣèré ń kọ́ sórí nínú ẹgbẹ́ náà. A óò sọ ìtàn fún òṣèré, a óò sọ ohun tí apá tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe, orí ìtàgé ni yóò ti wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí èrò bá rẹ́rìn-ín púpọ̀, òṣèré yóò fà á gùn. Bí wọn kò bá rẹ́rìn-ín, yóò kọjá síbòmíràn. Èrò fúnra rẹ̀ ni aago. Nítorí náà, ìdákẹ́ kò ní iye ìṣẹ́jú-àáyá kan pàtó. Ó ń tẹ̀ lé bí ẹ̀rín bá ṣe lọ sílẹ̀.

Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù nínú gbogbo wọn, lójú tèmi, ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, olórí ẹgbẹ́ Aláwàdà, tí ó kú ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2018. Ẹ má gbàgbé pé olórin ni kí ó tó di aláwàdà. Ẹgbẹ́ orin rẹ̀ ni Sunny Adé ti lo apá kan nínú ìgbà èwe rẹ̀. Ẹni tí ó ti darí ẹgbẹ́ onílù mọ̀ pé ibi tí ìlù kò ti dún wà lára ìlù. Aṣọ Bàbá Sàlá pàápàá jẹ́ ọ̀nà láti ra àkókò: táì labalábá tí ó tóbi ju àyà lọ, férémù awò ojú ńlá tí kò ní gíláàsì, àti aago ńlá tí ó gbé kọ́ra bí ẹni pé aago ọwọ́ lásán ni. Kí ó tó la ẹnu, òǹwòran ti ní ohun mẹ́ta láti wò. Èyí ni mo ń pè ní àwàdà àfojúrí: ojú ti rí i, etí kò tí ì gbọ́ nǹkan kan. Ó lè dúró láìsọ̀rọ̀ títí dé ìgbà tí ẹ̀rín aṣọ náà bá parí, kí ó wá fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lé e. Orí ìtàgé gba irú ìdúró bẹ́ẹ̀ nítorí ó ń gbọ́ èrò.

Fóònù kò gbọ́ èrò. Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Nígbà tí Instagram gba fídíò wọlé ní 2013, ìṣẹ́jú-àáyá 15 péré ni ó gbà. Ní 2016 ó di 60, ọdún yẹn kan náà ni Twitter fún àwọn tirẹ̀ ní 140. Àwọn ọ̀dọ́ aláwàdà wa ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Họ́sítọ̀n wọ inú àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí bí ẹni wọ ẹ̀wù tí a ti rán tẹ́lẹ̀. Eré ìṣẹ́jú méjì wọ inú ìwọ̀n 140 náà, ó sì ku díẹ̀ fún orúkọ òṣèré. Títí di òní, bí a ti lè fi fídíò gígùn ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ ló ṣì ń dúró ní àyíká ìṣẹ́jú méjì, nítorí pé ó gba ìtàn kan pẹ̀lú àtúnṣe mẹ́ta, kò sì gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ń wò ó wà nínú ọkọ̀ ojú irin, òun nìkan, pẹ̀lú ohun èlò ní etí. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kí ó dúró dè é. Nítorí náà ni ìwé eré fi di dandan, tí a sì fi gbọ́dọ̀ kọ iye ìdákẹ́ sí i: ìṣẹ́jú-àáyá tí a kọ sí etí ìwé ti gba iṣẹ́ tí èrò ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà dúró ní òfuurufú, mo kọ eré kan sílẹ̀ fún òǹkàwé. Ènìyàn méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Délé wà ní Tòróńtò; Bàbá Àgbà wà ní Ọ̀yọ́. Fídíò olóòró ni, bí a ti ń gbé fóònù dúró. Àwòrán kan ń fi yàrá Délé hàn, èkejì ń fi ohun tí Bàbá ń rí hàn, ẹ̀kẹta ń fi Bàbá hàn.

0:00 – 0:08. Yàrá. Fóònù fara ti agolo mílíìkì lórí tábìlì, ó ń dún. Délé sáré wọlé pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé. Ó ka orúkọ: Bàbá Àgbà. Ìdákẹ́, 1. Ó wo orúnkún ara rẹ̀.

0:08 – 0:20. Ó gbé agbádá wọ̀, ó dé fìlà. Ó wo ara rẹ̀ nínú fóònù: olóyè ni láti àyà lọ sókè. Ó fà sẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan, orúnkún hàn. Ó padà síwájú, orúnkún wọlé.

0:20 – 0:35. Ó gbé ìpè. Ihò imú Bàbá gba gbogbo ojú fóònù, kí ó tó gbé fóònù tirẹ̀ jìnnà sí ojú, tí ó fi ti ìwé lórí tábìlì.
BÀBÁ: Délé! Ṣé ìwọ nìyẹn?
DÉLÉ: Èmi ni, Bàbá. Ẹ káàárọ̀ sà.
Bàbá kò dáhùn. Ìdákẹ́, 2.
BÀBÁ: Ìdúró lo wà?

0:35 – 0:52. Délé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. A wà ní ojú Bàbá: ògiri lásán àti kàlẹ́ńdà. Ìdákẹ́, 3.
BÀBÁ: Délé? Ṣé wọ́n ti múná lọ lọ́hùn-ún náà ni?
Ó yíjú sẹ́yìn. Ìgbà yẹn gan-an ni Délé dìde. Bàbá yíjú padà, ó bá a ní ìdúró.
BÀBÁ: Mò ń retí ìdọ̀bálẹ̀.

0:52 – 1:08. Délé tún lọ sílẹ̀. Ògiri àti kàlẹ́ńdà.
DÉLÉ (láti ìsàlẹ̀): Mo wà nílẹ̀, Bàbá!
Bàbá tẹ̀ síwájú, ó ń yọjú wo abẹ́ fóònù ara rẹ̀. Ìdákẹ́, 3.
BÀBÁ: Mi ò rí ọ.

1:08 – 1:32. Délé gbé fóònù àti agolo mílíìkì sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fà sẹ́yìn, ó dọ̀bálẹ̀, orí rẹ̀ kọjú sí fóònù. Bàbá ń mi orí, inú rẹ̀ dùn. Délé na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Agbádá bẹ̀rẹ̀ sí í fà lọ sókè, díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì jáde. Ìdákẹ́, 4. Ojú Bàbá rìn láti fìlà dé àtẹ́lẹsẹ̀.
BÀBÁ: Ṣòkòtò rẹ ńkọ́?

1:32 – 1:42. Délé kò gbé orí.
DÉLÉ: Ó wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀, sà.

1:42 – 2:00. Bàbá fi ìbínú dìde.
BÀBÁ: Ìyá Kọ́lá! Wá wo ọmọ-ọmọ rẹ!
Fóònù Bàbá kò kúrò níbi tí ó wà. Lábẹ́ agbádá ńlá: ṣòkòtò péńpé. Bàbá wo ìsàlẹ̀. Ìdákẹ́, 2. Délé gbé orí sókè. Ọwọ́ Bàbá rọra wá bo kámẹ́rà. Òkùnkùn, 1:57.
OHÙN BÀBÁ: Dìde, Àlàó.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì sọ kò ju nǹkan bí 50 lọ. Ìdákẹ́ mẹ́fà ni a kọ sílẹ̀, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 15 nínú 120, ìdá kan nínú mẹ́jọ eré náà. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kọ irú ìwé yìí máa ń rò pé ó ti fi àkókò ṣòfò, yóò sì fi ọ̀rọ̀ dí i. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó gbé aago jáde, kí ó ka ìwé náà sókè, kí ó fi ara ṣe gbogbo ìṣe tí ó wà nínú rẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ àti ìdìde kan ń gba àkókò ju bí a ṣe rò nígbà tí a jókòó sídìí tábìlì lọ, pàápàá fún ẹni tí ó wọ agbádá. Bí apá kan bá gùn jù, ìṣe ni kí a gé, kì í ṣe ìdákẹ́.

Ìdákẹ́ wọ̀nyí kò dọ́gba, ìdí sì wà fún un. Ti àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú-àáyá 1, kò ju kí òǹwòran wo orúnkún lọ. Méjì tí ó jẹ́ 3 wà níwájú ògiri òfìfo, ibi tí kò sí ohun kankan láti wò. Òǹwòran mọ̀ pé Délé wà nílẹ̀, Bàbá kò mọ̀. Gígùn ìdákẹ́ náà ni iye àkókò tí a fún òǹwòran láti gbádùn ìmọ̀ tí ó fi ju Bàbá lọ. Ní ìṣẹ́jú-àáyá 1, kò tí ì yé e. Ní 6, ó ti ń rò pé fóònù òun ni ó dúró, yóò sì fi àtàǹpàkò gbá a kọjá. Ti 4 ni ó gùn jù, nítorí pé ojú Bàbá ní ọ̀nà láti rìn, àwa náà sì ń bá a rìn. Èyí tí ó kẹ́yìn kúrú, nítorí pé òǹwòran ti mọ irú nǹkan tí ó ń wò. Orúnkún kejì kò nílò àlàyé.

Ojú òǹkàwé yóò ti rí àpò Ọ̀yọ́-Ilé nínú agbádá tí ń fà lọ sókè. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe fídíò lónìí ka Clapperton. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà ni àwọn méjèèjì ń yanjú: bí a ṣe lè fi aṣọ pín ìmọ̀ fún ènìyàn ní ìwọ̀n. Etí fóònù pàápàá jẹ́ irú àpò kan. Láti 0:08 ni a ti gbin orúnkún síbẹ̀, tí a fi ìṣísẹ̀ kan síwájú, ìṣísẹ̀ kan sẹ́yìn, kọ́ òǹwòran pé ohun tí ó wà lábẹ́ etí àwòrán kò hàn sí Bàbá. Bí a kò bá gbìn ín, ẹsẹ̀ ní 1:25 yóò jẹ́ ìyàlẹ́nu lásán. Bí a bá sì gbìn ín jù, bí àpẹẹrẹ tí Délé bá sọ lẹ́nu pé òun kò wọ ṣòkòtò gidi, òǹwòran yóò ti dé ìdí ọ̀rọ̀ ṣáájú wa. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ rọrùn: ẹ fi han ẹni tí kò tí ì rí i, ẹ má wo fóònù, ojú rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí ó bá rẹ́rìn-ín nígbà tí Délé ń gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó hàn, ó dára, ó ti mọ ohun tí ń bọ̀ ó sì ń dúró. Bí ó bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀ tí kò sì rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ jáde, ìgbìn ti pọ̀ jù.

Fídíò olóòró ní òfin tirẹ̀ fún ìdọ̀bálẹ̀. Ẹni tí ó nà gbalaja ní ìbú kò lè wọ inú àwòrán tóóró. Nítorí náà ni orí fi gbọ́dọ̀ kọjú sí kámẹ́rà, kí ẹsẹ̀ wà lókè àwòrán, lẹ́yìn. Àǹfààní ni ó já sí, nítorí pé ojú ń kọ́kọ́ wo fìlà tí ó súnmọ́, ó sì ń gòkè lọ bá àṣírí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dúró lé lórí nínú èdè inú eré náà, nítorí ó kan àwa tí ń fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ fídíò Yorùbá fún àwọn ọmọ wa ní òkèèrè. Ìbéèrè Bàbá lè jẹ́ “Níbo ni ṣòkòtò rẹ wà?” Gírámà rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ń pani lẹ́rìn-ín wà láàárín, “rẹ wà” sì tẹ ẹ̀rín mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. “Ṣòkòtò rẹ ńkọ́?” gbé ṣòkòtò sí iwájú pátápátá. Láti sílébù kìíní ni òǹwòran ti mọ ibi tí à ń lọ, “ńkọ́” sì kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rín kò fi ní pẹ́ kí ó tó ní àyè. Èdè wa fẹ́ràn láti gbé ohun tí a tẹnu mọ́ síwájú, bí a ti ń ṣe pẹ̀lú “ni” nínú “Ṣòkòtò ni kò wọ̀.” Èyí túmọ̀ sí pé ṣáájú gbólóhùn ni ìdákẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì máa ń fẹ́ pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ di ìparí, aláwàdà rẹ̀ a sì máa dúró díẹ̀ kí ó tó sọ ọ́. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kọ́ àwàdà láti ọ̀dọ̀ tẹlifíṣọ̀n òkèèrè sábà máa ń gbé ìdúró náà sí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbé e sí. Wọn a ní “Ṣòkòtò rẹ…” wọn a dúró, wọn a wá ní “ńkọ́?” Ẹ̀rín á ti kú.

Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò ní ewu mìíràn. Ojú ń kà yára ju bí ẹnu ṣe ń sọ lọ. Bí ìtumọ̀ ìbéèrè Bàbá bá yọ nígbà tí ìdákẹ́ 4 ṣì ń lọ, ọmọ tí ń kà á ti gba àwàdà náà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, ìyá rẹ̀ tí ó gbọ́ Yorùbá tí ó jókòó tì í kò sì tí ì gba nǹkan kan. Àwọn méjèèjì yóò rẹ́rìn-ín ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí àga kan náà. Kí ìtumọ̀ má ṣe yọ ṣáájú kí Bàbá tó la ẹnu, àní bí ó bá ku ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ti “Ìdúró lo wà?” rọrùn jù, nítorí kò sí ohun tí ó ń tú àṣírí rẹ̀.

“Àlàó” ni kò ní ìtumọ̀ kankan. Láti òkè, Délé ni Bàbá ń pè é. Inú òkùnkùn ni ó ti wá pe oríkì rẹ̀, orúkọ tí a fi ń pọ́n ọmọ lé, tí a fi ń rọ̀ ọ́. Ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé ìbínú ti tán, pé àwọn aláìní-ṣòkòtò méjì ti ṣe àdéhùn tí Ìyá Kọ́lá kò gbọdọ̀ gbọ́. Mo ti gbìyànjú oríṣi ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ mẹ́rin fún un, gbogbo wọn gùn ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tí ó kù lọ. Ohun tí mo ṣe nígbẹ̀yìn ni pé mo fi orúkọ náà sílẹ̀ bí ó ti wà, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, funfun lórí dúdú. Ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò bi ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ léèrè.